Ike Fítámì Tó Lọ sí Mẹ́kà

Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí lè dùn ló ti kú tán, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́. Ìyá mi ti lọ, ìyá ọkọ mi ti lọ, ọkọ mi náà ti tẹ̀ lé wọn. Ó ku èmi, èmi ò sì lókun àtimáa bo nǹkan mọ́lẹ̀ mọ́.

Apoògùn ni mí. Ní àwọn ọdún 1990, ṣọ́ọ̀bù mi wà létí títì ní Ring Road, láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ilé ọtí kan tó máa ń ṣílẹ̀kùn kí n tó ṣí tèmi. Iṣẹ́ yẹn rẹ̀ mí. Kì í ṣe ìdúró ló rẹ̀ mí, àlàyé ni. Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lẹ́yìn mi tí mo máa ń tì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn mi. Inú rẹ̀ ni àwọn oògùn tí òfin ní a ò gbọ́dọ̀ tà láìsí ìwé dókítà wà: oògùn oorun, oògùn ìrora ńlá, oògùn wárápá. Mo ní ìwé gbàǹgbà kan tí mo ń kọ gbogbo ohun tó bá jáde níbẹ̀ sí: ta ló gbà á, dókítà wo ló kọ ọ́, mélòó ló ṣẹ́ kù. Kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan ò ní dúró síwájú mi kó ní, "Àǹtí, kí ló wá le tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀, wọn ò béèrè ìwé kankan." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ní Dùgbẹ̀, èèyàn lè rà á lórí àtẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là. Òfin wà, ọjà wà, èmi ni mo dúró láàárín tí mò ń gba èébú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ta oògùn nígbà náà. Inú agolo ńlá tó gba ẹgbẹ̀rún hóró ló máa ń wà. A ó kà á sórí àwo, a ó dà á sínú àpòòwé funfun pélébé, a ó fa ìlà sí i lára: ìlà kan fún àárọ̀, ìlà méjì fún alẹ́. Ó tán. A kì í kọ orúkọ oògùn. Àwọn oníbàárà rò pé torí pé wọn ò mọ̀wé ni. Irọ́ ni. Bí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sí i, Dùgbẹ̀ ni wọ́n á mú àpòòwé yẹn lọ nígbà tó bá tán. Gbogbo wa là ń ṣe é, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kò dáa.

Ti ìyá mi tún wá yàtọ̀. Wárápá ń ṣe ìyá mi láti kékeré. Hóró funfun wíńníwínní méjì lálaalẹ́ ni kì í jẹ́ kó gbé e. Bó bá ti ń lò ó, ọdún á yí po, kò ní ṣubú. Fẹnobábítóònù ni wọ́n ń pe oògùn náà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ wárápá ṣe rí láàárín wa. Wọ́n á ní itọ́ rẹ̀ ń ranni. Wọ́n á ní ọmọ àwọn ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ọmọ ilé yẹn. Nítorí náà, inú ike fítámì ni oògùn ìyá mi máa ń wà, ike kan tí àwòrán ọsàn wà lára rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé ní Òkè-Àdó tó rí i lórí tábìlì, á ní, "Màmá, ẹ kúkú ń tọ́jú ara yín, ẹ ń lo fítámì." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ni mo ń rọ ọ́ kún lóṣooṣù.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi sanwó Mẹ́kà fún ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà sì san ti ìyá wa. Bí àwọn àna méjèèjì ṣe di ará ẹgbẹ́ kan náà nìyẹn: ọkọ̀ òfurufú kan, yàrá kan. Àpáta ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ò há, inú rẹ̀ sì dáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, Àpáta títí dé Ṣálẹ́ńjì á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gbéra nígbà tí ìyá mi ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń lọ Mẹ́kà bọ̀, tó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ fẹ́ra.

"Wọ́n ní ká má gbé oògùn inú àpòòwé lọ o," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ará ọ̀hún kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré. Gbogbo ẹni tó ní àpòòwé ló ń gbọ̀n. Èmi ń rẹ́rìn-ín nínú ni. Tèmi wà nínú ike, wọ́n sì kọ fítámì sí i lára gàdàgbà."

Àyà mi já. Mo gbé àwo tí mo fi ń ka oògùn sílẹ̀.

"Màámi, ike yẹn gan-an ló burú jù."

"Báwo?"

"Ẹni tó gbé àpòòwé tí ò ní orúkọ dání, wọ́n lè ní kò mọ̀wé ni. Ẹni tó gbé ike tó ní orúkọ irọ́, wọ́n á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé nǹkan pamọ́ ni."

Ó wò mí. "Ṣé oògùn olóró lo ti ń fún mi láti ọjọ́ yìí ni?"

"Rárá o, Màámi."

"Oògùn kan náà tí mò ń lò ní Òkè-Àdó, tó bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú, ó di nǹkan mìíràn?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀gá kan ní yunifásítì lo odindi sáà kan láti dá wa lóhùn rẹ̀, kò sì dáhùn rẹ̀ tán. Mo gbìyànjú ní tèmi. Mo ní àwọn orílẹ̀-èdè ayé jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn, wọ́n pín àwọn oògùn tó ń yí orí padà sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ní ewu rẹ̀ pọ̀ jù, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò fún ìwòsàn, ló wà ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní. Bí ewu bá ṣe ń dín kù tí ìwúlò ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sún un sísàlẹ̀. Tiyín wà ní ìkẹrin, èyí tó rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé náà. Ohun tó kéré jù tí kálukú gbọ́dọ̀ ṣe ni àdéhùn ọ̀hún sọ. Ìlú tó bá fẹ́ lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wọ aṣọ ilé-ìwé. Ọ̀gá kan á ní aṣọ náà ti tó. Òmíràn á ní ọmọ tí ò bá wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, kó padà sílé.

"Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù," mo ní, "ó lè wọ ṣọ́ọ̀bù ra hóró tí kódíìnì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gbé hóró yẹn kan náà dé Jẹ́dà láìní ìwé dókítà, wọ́n lè dá a dúró. Ewé kan tún wà tí àwọn ará Yẹ́mẹ̀nì ń jẹ bí a ṣe ń jẹ obì. Wọ́n ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni ń ta ẹ̀fọ́. Bó bá ti kọjá ẹnu ibodè Yẹ́mẹ̀nì sí Saudi, ẹ̀wọ̀n ni."

Ìyá mi yíjú sí ilé ọtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Aago méjì ọ̀sán ò tíì lù, wọ́n ti ń pariwo níbẹ̀.

"Ọtí ńkọ́? Ìsọ̀rí wo ni wọ́n fi ìyẹn sí?"

"Kò sí nínú ìwé náà."

"Kò sí bí i ti báwo?"

"Kò sí rárá, Màámi."

"Hẹn-ẹn. Àwọn tó kọ ìwé ọ̀hún ń mu ún nìyẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín, bó ṣe rẹ̀ mí tó yẹn. Ìyá mi ò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, ó ti sọ ohun tí ọ̀gá wa fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ yí ká. Ohun tó ń ba kálukú lẹ́rù nílùú rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń ṣì lò, ohun tó ń rí tà, àti ẹni tó wà níbi ìjókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ìwé yẹn. Oògùn ò mọ̀ ọ́n. Hóró funfun ni hóró funfun ń jẹ́ níbi gbogbo.

Mo sọ ohun tí a máa ṣe fún un. Ike tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà kó o sí gan-an, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára. Iye tó máa lò níbẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ lé, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́. Ìwé dókítà tó sọ orúkọ oògùn, iye rẹ̀, àti àìsàn tó wà fún.

"Wọ́n á kọ wárápá sí i?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́."

Ó ní, "Ìyá ọkọ ẹ ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n là ń sọ."

Dókítà rẹ̀ kọ ìwé náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí tẹpuráítà. Mo gbé e lọ sí Sẹkitéríàtì lápá Bódìjà kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ dá mi padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọ̀gá lọ jẹun. Lọ́jọ́ kejì, epo ò sí nílùú, ọ̀gá ò lè dé. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá dé, òǹtẹ̀ ni ò sí. Ìgbà tí mo gbà á lọ́jọ́ kẹrin, mi ò lè kí wọn dáadáa mọ́. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé kejì mọ́ ọn: hóró mélòó, àwọ̀ rẹ̀, àmì tó wà lára rẹ̀. Mo lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi sí i. Mo dì í sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fi lé ìyá mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ike tó ní orúkọ tòótọ́. Ó ní, "Kí Ọlọ́run bá wa ṣe é."

Wọ́n gbéra lọ sí Ìkẹjà lọ́jọ́ Jímọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, mo lọ sí Òkè-Àdó láti bá a ti fèrèsé kí òjò má bàa wọlé. Nígbà tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọwọ́ mi kan nǹkan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ike tó ní orúkọ tòótọ́ ni. Ó ṣófo. Mo sáré wo orí tábìlì. Ike fítámì ò sí níbẹ̀.

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ìyá mi ti da oògùn náà padà sínú ike ọlọ́sàn, ó sì ti gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú. Ó wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín fún gbogbo wọn pé ikú ni ìdájọ́ ẹni tó bá kó oògùn olóró wọ ìlú ọ̀hún. Lóòótọ́, hóró wárápá obìnrin arúgbó kì í ṣe ẹrù oníṣòwò, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà wa aláwọ̀ ewé nígbà náà, bí o bá ti nà án síta níbikíbi, wọn á kọ́kọ́ wo ojú ẹ, wọn á tún wo báàgì ẹ. Ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé? Ẹ̀rù bà mí. Inú sì bí mi sí i. Mo bú ìyá mi níbẹ̀, lórí ilẹ̀ yàrá rẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Kò sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹlifóònù ní Ṣálẹ́ńjì, wọ́n béèrè nọ́ńbà tí mo fẹ́ pè, mi ò ní ọ̀kan. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe lo ọjọ́ mọ́kàndínlógójì nìyẹn: mò ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mò ń tì í, mò ń kọ nǹkan sínú ìwé gbàǹgbà. Ọmọ yunifásítì kan wá láti Àgbowó, ó fẹ́ ra oògùn ikọ́ oníkódíìnì ìgò mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò wúkọ́ rárá. Mo lé e jáde. Ó ní, "Ah ah, Mummy, na only cough medicine now." Mo jágbe mọ́ ọn títí oní-táyà fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ò mọ̀ pé òun kọ́ ni mò ń bá wí.

Wọ́n dé. Àwọn méjèèjì dé ní pípé, pẹ̀lú omi sámúsámù àti dàbínù. Mo fi orí balẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní láti dúró kí àwọn tó ń kí wọn káàbọ̀ dín kù kí n tó rí ìyá mi bá sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ku àwa méjì ní Òkè-Àdó. Mo ti mú ike tuntun dání láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ní orúkọ tòótọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbé ike òfìfo tó fi sílẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí síwájú rẹ̀.

"Àlájà, kí lèyí?"

Kò bínú. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní Jẹ́dà, wọ́n tú ẹrù gbogbo wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣí ike ọlọ́sàn, ó da hóró sọ́wọ́, ó wo àwòrán tó wà lára ike, ó tún wo hóró funfun. Ó ní kí ìyá mi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mú un jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ará Ìbàdàn ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó. Ìwé dókítà wà nínú aṣọ rẹ̀, lábẹ́ ọmú. Ohun tó ní láti ṣe kò ju kó yọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kò kọjá. Ìyá ọkọ mi jókòó tì í. Ó ní, "Èmi ò ní fi àna mi sílẹ̀ fún Lárúbáwá láéláé." Aṣáájú wọn ní ọkọ̀ ń dúró, ó ní kó máa lọ. Ògbufọ̀ kan, ọmọ Ìlọrin tó ń kàwé níbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ìyá mi lédè Yorùbá pé oògùn kí nìyí, ṣé ó ní ìwé? Ìyá mi ní fítámì ni, òun ò ní ìwé. Wákàtí kan kọjá. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní fítámì ni. Ọlọ́pàá méjì dé, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé èèyàn gidi lèyí, ìyá apoògùn ni!

Nígbà tí ó di wákàtí kẹta, wọ́n pe ìrun àsárì. Ìyá mi ní, "Ẹ lọ kírun, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run níbẹ̀. Tiyín ló máa tètè gbà." Ìyá ọkọ mi dìde. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, ìyá mi ti ọwọ́ bọ àyà, ó yọ ìwé náà, ó ní kí ògbufọ̀ ṣe kíá. Wọ́n pe dókítà tó wà ní pápákọ̀. Ó ka ìwé méjèèjì, ó ka hóró náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àmì ara hóró wé ohun tí mo kọ. Iye pé. Ó kọ nǹkan sínú ìwé ńlá kan, ìyá mi tẹ̀ka sí i. Ó da oògùn náà sínú páálí kékeré, ó kọ Lárúbáwá sí i lára, ó sì bá ìyá mi wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Ọmọ Ìlọrin túmọ̀ rẹ̀: ó ní irọ́ ara ike ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kì í ṣe oògùn. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, wọ́n dá ike òfìfo náà padà fún un. Kí ìyá ọkọ mi tó tò débi àlùwàlá, tó sì kírun tán, ìyá mi ti da oògùn padà sínú rẹ̀, ó sì ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fítámì ni."

Mo gbọ́ ọ tán, mo pariwo: "Wákàtí mẹ́ta! Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá dúró lé yín lórí wákàtí mẹ́ta nítorí ojú ayé? Nítorí ìtìjú yín?"

"Ìtìjú ta ni?"

Ó tọ́ka sí ike ọlọ́sàn lórí tábìlì.

"Ta ló fún mi ní ike yẹn?" Ó ń wò mí, kò gbóhùn sókè. "Kí o tó wọ yunifásítì, tí mò ń gba oògùn mi lọ́sibítù, ṣé inú ike fítámì ló wà? Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Àpáta ń bọ̀ wá tọrọ ẹ lo gbé e wá. O kúnlẹ̀ níbi tí o jókòó sí yẹn. O ní, 'Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má rí i.' Mo ní ó dáa. Mi ò tíì gbọ́ kí o sọ pé kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Mo ti gbàgbé. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ti gbàgbé. Ọdún bí i mẹ́rìnlá ni mo fi ń sọ lọ́kàn mi pé ìyá mi ni ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ojú tì mí débi tí mi ò lè gbé orí sókè. Mo fa ike tuntun yọ nínú báàgì, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ọlọ́sàn tó ti Mẹ́kà dé. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Èyí ni kí ẹ máa lò. Ẹ gbé e sórí tábìlì."

Ó ní, "Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

Mo ní mo ti rò ó.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi láti ẹnu géètì. Ó ń bọ̀, ó ń bá aládùúgbò kan rojọ́ lójú ọ̀nà, ìtàn kan náà tó ti ń sọ káàkiri Ìbàdàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé: àwọn Lárúbáwá aláìmọ̀kan, tí wọn ò mọ fítámì yàtọ̀ sí oògùn olóró.

Mo gbé ike tuntun. Mo ṣí i. Mo da gbogbo hóró inú rẹ̀ sínú ike ọlọ́sàn, mo dé e, mo sì ju ike tuntun náà sínú báàgì mi kí ó tó kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi wo ọwọ́ mi, ó so ìborùn rẹ̀ padà, ó sì dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún àna rẹ̀.